Ta ló ni ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ tó farapa lẹ́nu SIWES?

Olóòtú,

Ọjọ́ kẹrin tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ SIWES, ìyẹn iṣẹ́ tí iléèwé ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ níléeṣẹ́, ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin ṣá a níka. Iléeṣẹ́ ní akẹ́kọ̀ọ́ ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Iléèwé ní kò ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Fọ́ọ̀mù tó yẹ kí wọ́n fi jẹ́rìí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣì wà nínú báàgì rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ sí i.

Èmi náà rò pé ITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó SIWES, ti ra ìnṣọ́ránsì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ Fọ́ọ̀mù 8 tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ fún ITF, ìròyìn ìparí iṣẹ́ lásán ni, kì í ṣe ìwé ìnṣọ́ránsì.

Òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó farapa ni mo rí dì mú. Agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ tó farapa, àjọ náà ló sì ń sanwó ìtọ́jú. Òfin yìí ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Àmọ́ kò dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ SIWES, ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ ti fẹ́ yọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Lẹ́tà tí iléeṣẹ́ fi gbà á síṣẹ́ ló gbà wá sílẹ̀, torí ó fi hàn pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń kọ́ṣẹ́.

Ẹni tó farapa gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún NSITF láàárín ọjọ́ 7. A kọ tiwa sílẹ̀, ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà kan fún wa.

Kí iléèwé máa béèrè ìwé ẹ̀rí NSITF lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kí wọ́n tó rán ọmọ lọ.

Òbí kan,
Ìbàdàn