Ẹ̀sùn Lórí Ọjọ́ Orí àti Owó tí Ẹ Kọ fún Ẹdan Idẹ Ilé Wa

Agboolé Wa,
Òjé, Ìbàdàn.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-Iṣẹ́ tó ń Díye Lé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé,

Ọ̀gá mi,

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn rárá. Mo san ₦15,000 fún yín kí ẹ bá wa wo ẹdan idẹ Ògbóni tí bàbá wa fi sílẹ̀ kó tó kú, akọ àti abo tí ẹ̀wọ̀n irin so orí wọn pọ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo lẹ ní kí n fi ránṣẹ́, iwájú nìkan. Èsì tó wá ni pé ó ti pé ọdún 250, pé ó ga ní ínṣì 18, àti pé owó rẹ̀ kò dín ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Bí àbúrò mi ọkùnrin ṣe gbọ́ iye yẹn, ó ní àfi ká tà á. Láti ìgbà náà ni ilé ò ti rọgbọ.

Mo fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n. Ínṣì 9 péré ni. Kò sí rúlà tàbí ọwọ́ ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò, níbo lẹ ti wá rí 18? Owó ẹdan ńlá lẹ gbé lé èyí tó kéré lórí. Ẹni tó mọṣẹ́ ì bá ti ní kí n gbé rúlà tì í, kí n sì gbé e sórí òṣùwọ̀n, kó tó la ẹnu sọ iye.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ kọ ọ́ pé dídú tó dú ló fi hàn pé ó ti pẹ́. Idẹ tuntun náà ń dú. Èéfín ilé ìdáná lè mú un dú, ásíìdì sì lè mú un dú láàárín ọjọ́ kan. Ibi tó dú àti ibi tí kò dú ló yẹ kéèyàn wò. Ẹdan tí ọwọ́ ti ń dì mú láti ayébáyé, imú rẹ̀, orúnkún rẹ̀ àti gbogbo ibi tó yọ síta á ti jẹ, á sì máa dán. Kòtò ojú àti abẹ́ àgbọ̀n ni dúdú á kù sí. Èyí tí wọ́n fi oògùn sọ di arúgbó sábà máa ń dú bákan náà látòkè délẹ̀. Imú akọ tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ iná fóònù ti mú kí gbogbo ojú rẹ̀ funfun nínú fọ́tò. Ẹ kò lè rí i níbẹ̀, ẹ kò sì béèrè òmíràn.

Èyí tó dùn mí jù ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pá irin ni wọ́n da idẹ yí ká, irin náà sì yọ ṣóńṣó nísàlẹ̀. Tí ẹ bá gbé òòfà sún mọ́ ọn, kò ní fa idẹ, irin ló máa fà. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń wo ìpata, bóyá ó ti jẹ irin wọnú ní ìpele-ìpele ni, àbí ojú lásán ló wà. Fọ́tò tí ẹ fi díye lé e gé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò!

Ká tiẹ̀ ní ẹ rí gbogbo èyí, kò lè fún yín ní 250 gbáko. Ìran dé ìran ni wọ́n ń dà á ní irú àwòrán kan náà, wọ́n sì máa ń yọ́ idẹ àlòkù láti fi dà á. Ohun tí àwa mọ̀ ni pé ó ti wà lọ́wọ́ bàbá bàbá wa kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Ó ti lé ní ọdún 80 nìyẹn. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé e lọ́wọ́ wò.

Iye owó tí ẹ kọ náà, ọjà òkè òkun lẹ ti mú un. Òfin ọdún 1979 lórí mùsíọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì ka èyí tó ṣe pàtàkì fún ìtàn, iṣẹ́ ọnà tàbí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n sì ti lò fún ètò ìbílẹ̀, mọ́ ọn, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó. Tiwa ti lọ sí ìlédì Ògbóni láìmọye ìgbà. Àjọ mùsíọ̀mù tàbí ẹni tí wọ́n bá fún láṣẹ nìkan ló lè rà á, kò sì gbọdọ̀ jáde nílùú láìsí ìwé àṣẹ wọn. Ẹ kò sọ ìyẹn fún wa, ẹ kàn ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn bó o kí owó rẹ̀ lè gbé sókè. Ọlọ́run ló yọ wá tí n kò ṣe é, nítorí ibi jíjẹ àti dúdú inú kòtò yẹn ni ẹ̀rí tí a ní, bí a bá sì bó o, kò tún padà mọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ dá ₦15,000 mi padà. Mo sì fẹ́ kí ẹ fi ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ yín kọ ọ́ pé ẹ ti fagi lé iye ọdún àti owó náà, kí n lè fi han àbúrò mi, torí ìwé àkọ́kọ́ ló dì mú. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ wò ó, ẹ rán ẹni tó mọ̀ ọ́n wá sílé, òun fúnra rẹ̀ ni kó gbé e lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Káyọ̀dé