Bọ́lá àti orí tó ń fọ́ ọ

Àkúrẹ́

Ìyá Bọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ orí tó ń fọ́ Bọ́lá sì ká mi lára gan-an. O ní o ti fún un ní oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ara rẹ̀ gbóná ni? Jọ̀wọ́, má tún fún un láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àkókò tí orí fífọ́ náà ń bẹ̀rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ ṣọ́.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan wà ní kíláàsì mi. Tó bá ti ń di aago mẹ́wàá àárọ̀, á gbórí lé tábìlì. Ìyá rẹ̀ ń tajà ní Ọjà Ọba, kùtùkùtù ni wọ́n ń jáde, ọmọ náà kì í sì í jẹun kó tó kúrò nílé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ògì, tó ń fi àkàrà jẹ ẹ́, orí fífọ́ àárọ̀ lọ.

Ti ọ̀sán kò lọ. Tó bá ti kàwé díẹ̀, iwájú orí á máa dùn ún, á máa fọwọ́ ra ojú, á sì máa fo ìlà. Ní Sátidé tí kò bá kàwé, kò sí nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Ó dúró ní mítà mẹ́fà sí lẹ́tà ara ògiri, ó kà á dé ìlà ìsàlẹ̀. Àwọn òbí ní ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Ọmọ tí kò rí pátákó, olùkọ́ á tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn wà tó ń rí òkèèrè, tó jẹ́ pé ìwé tó wà nítòsí ló ń ni ojú rẹ̀ lára. Iṣan inú ojú ọmọdé lágbára. Á máa fún ara rẹ̀ mọ́ra kí lẹ́tà lè hàn, bó bá sì pẹ́, orí á fọ́. Bó ṣe rí fún ọmọ kíláàsì mi yẹn nìyẹn. Dókítà ojú kán oògùn tó ń dẹ iṣan yẹn sí i lójú, ìgbà náà ni àìsàn náà tó hàn. Gíláàsì ni wọ́n fún un, ó sì ń kàwé wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí.

Bi dókítà tó máa yẹ ojú Bọ́lá wò bóyá wọ́n máa kán oògùn náà. Ìwé lè ṣú lójú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ta á lójú, nítorí náà má mú un lọ nígbà tí ìdánwò bá kù ọ̀la.

Orí fífọ́ ti àníyàn ìdánwò a máa dà bíi gèlè tí wọ́n dì le koko mọ́ orí, yíká ni. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìdánwò nìkan ló ń wá, jẹ́ kí ó máa tètè sùn, kí bàbá rẹ̀ sì yé mẹ́nu ba ipò kìíní. Má sọ parasitamọ́ọ̀lù di ojoojúmọ́, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè máa dá orí fífọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí orí fífọ́ bá ń jí i lójú oorun, tó ń bì láàárọ̀, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó bá ń rìn, tàbí tí ibà dé tí ọrùn sì le gan, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni o.

Kọ aago tó ń bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó jẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Bá mi kí bàbá wọn.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Ayọ̀