Ẹ jẹ́ kí eré àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì dúró sójú kan

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ eré táwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì máa ń ṣe nípàrí ọdún ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n á fún wọn, síbẹ̀ ààfin lẹ máa bá wọn, ẹ ò ní pẹ́ bá wọn lóko, wọ́n tún ti dé ọsibítù, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ń gbé àga wọlé gbé e jáde làwọn ọmọ tó ń wòran á bẹ̀rẹ̀ ariwo, kí wọ́n tó dákẹ́ àsìkò ti lọ. Ọ̀pọ̀ hóòlù iléèwé wa ni ò ní kọ́tìnnì, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì ń ṣe é, iná wo lèèyàn fẹ́ pa? Ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ ń kọ eré, ibì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú, kó jẹ́ ibi téèyàn máa ń wọlé jáde láìjẹ́ pé ẹ̀ ń wá àwáwí fún un.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Máṣíìnì kan, tábìlì tí wọ́n fi ń lọṣọ, bẹ́ǹṣì kan fún kọ́sítọ́mà, ó ti tó. Èèyàn márùn-ún péré: màdáàmù, ọmọ iṣẹ́ àgbà tí fíríìdọ̀mù ẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ iṣẹ́ kékeré, lanlọ́ọ̀dù, àti ìyá ìyàwó tó ni léèsì. Aago mẹ́rin ni ìyá ìyàwó ní òun ń bọ̀ wá gbaṣọ, aago mẹ́ta àbọ̀ leré bẹ̀rẹ̀, àsìkò inú eré àti tàwọn tó ń wòran jọ ń lọ ni, kò sí pé ilẹ̀ ṣú ilẹ̀ mọ́. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, áyọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ti jó ẹ̀yìn bùbá, kí ọmọ àgbà nà án sókè kí gbogbo hóòlù rí ihò náà. Màdáàmù ti lọ sọ́jà, kékeré nìkan ló rí ẹni tó jó o.

Kẹ́ ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu kankan, ẹ kọ́kọ́ kọ ẹni tó ń wọlé, ẹni tó ń jáde, àti ohun tó lé e jáde. Àgbà á rán kékeré lọ wá irú léèsì yẹn. Ní bíi ìṣẹ́jú kẹwàá lanlọ́ọ̀dù á dé, owó ilé ló wá gbà, ó ní òun ò kúrò níbẹ̀ àfi tí màdáàmù bá dé, ló bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, abẹ́ tìmùtìmù tó jókòó lé gan-an ni wọ́n sì tọ́jú aṣọ sí. Owó ilé ló ń sọ o, àmọ́ ìdí ẹ̀ ni gbogbo hóòlù ń wò, ó kàn rún ara díẹ̀ báyìí, ariwo ti ta. Màdáàmù á dé nídàajì eré, kékeré á tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òfo, ìyá ìyàwó á dé nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ẹnì kan wà lórí sítéèjì fún ojú ìwé mẹ́ta tí ò sọ̀rọ̀ tí ò sì níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ fún un létí aṣọ tó máa ṣẹ́ tàbí kẹ́ ẹ rán an jáde.

Ti àsìkò ńkọ́? Ẹ má fojú lásán kà á. Ẹ kà á sókè, kẹ́ ẹ dìde rìn ín, kẹ́ ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú, tó bá ti kọjá 35 ẹ gé e, torí ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ á jẹ nínú èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ ju ìlà mẹ́rin márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, ibi tó gùn làwọn ọmọ ti ń gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo eré dúró lé lórí, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì tún un sọ, torí tí hóòlù bá ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, èyí àkọ́kọ́ á bọ́. Ohun tí mo sì fẹ́ràn nínú bùbá tó jó yẹn ni pé bí ọmọ kan bá gbàgbé ọ̀rọ̀, èkejì lè fọwọ́ kàn án kó béèrè ìbéèrè, eré á sì máa lọ.

Nípa ìparí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí lanlọ́ọ̀dù dìde wàásù fáwọn ọmọ. Nígbà tí màdáàmù bá ti yíjú sí kékeré pé òun ló jó o, tó fẹ́ lé e dànù, kí àgbà, tí fíríìdọ̀mù ẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, sọ fún lanlọ́ọ̀dù pé "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde", kó fa aṣọ náà jáde fúnra ẹ̀, kó kúnlẹ̀ fún ìyá ìyàwó. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti parí ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà èdè Yorùbá kan, Ìbàdàn