Lẹ́tà láti Kàbà: bí a ṣe gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ Bàámi

Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀kún o. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ara àwọn ọmọ ti yá. Òjò ò tíì dá níbí. O béèrè bí Bàámi ṣe gbé ṣọ́ọ̀bù lé wa lọ́wọ́ láìsí ìjà, torí Màámi Ìsánlú ti ń sọ pé àwọn fẹ́ sinmi kúrò nídìí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí ẹ̀yin má baà ṣi ẹsẹ̀ gbé bíi tiwa.

Ìwé àdéhùn la fi bẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi tó wà l'Ábújá ló ní ká jókòó, ká pín iṣẹ́, kí gbogbo wa fọwọ́ sí i. A kọ ojú ewé mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni nínú wa tó mọ ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí à ń pín iṣẹ́ rẹ̀. Orí Bàámi ni ìwé wa. Bí o bá bi wọ́n pé báàgì símẹ́ńtì mélòó ló kù, wọ́n á yọjú wo ilé ẹrù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dá ọ lóhùn, iye yẹn kì í sì í jìnnà sí òótọ́. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dì lẹ́rù fún ọmọ. A pa ìwé àdéhùn tì, a lọ ka ọjà.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù keje, a ò ṣílẹ̀kùn títí di ọ̀sán. Ẹni méjì ló ń ka nǹkan kan: ọ̀kan á kà á, á pe iye rẹ̀ sókè, èkejì á kọ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á gba ipò ara wọn. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, wọ́n á tún un kà. Ìṣó, páànù, ọ̀dà, irin, gbogbo rẹ̀ la kà, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Báàgì 120 la bá. Láàrin oṣù náà a ra 600 lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o bọ̀ láti Ọbájánà. Nígbà tí a tún kà lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ, èyí tó ṣeé tà jẹ́ 85. 120 àti 600 jẹ́ 720. Yọ 85 kúrò níbẹ̀, ó ku 635. Báàgì 635 ló yẹ kí ìwé títà ní. 611 la rí níbẹ̀. Báàgì 24 ti dàwátì.

Ojú gbogbo wa yí sí àbúrò mi ọkùnrin, torí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù wà. Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí dòní. Bàámi ló ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, ká kọ́kọ́ wá báàgì náà rí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn la rí mẹ́sàn-án lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti gan bí òkúta. Àbúrò mi ti yọ wọ́n kúrò láàrin èyí tó dára, kò kàn kọ ọ́ síbì kankan. Bàámi wá rántí pé àwọn fi mẹ́wàá ṣe ìtọrẹ fún ilé ìjọsìn tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Márùn-ún tó kù, bírìkìlà kan ló gbé e láwìn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Bàámi fúnra wọn ló gbé e fún un. Mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, márùn-ún: 24 pé. Kò sí olè láàrin wa. Ṣùgbọ́n ká ní Bàámi ti kú kó tó di ọjọ́ yẹn, ta ni ì bá sọ ti mẹ́wàá àti márùn-ún yẹn? Àbúrò mi ì bá ru orúkọ olè títí ayé.

Mẹ́sàn-án tó gan yẹn, àwa la fà á. Orí ilẹ̀ lásán là ń to símẹ́ńtì sí, ara báàgì sì kan ògiri. Ọ̀rinrin ń gba ìsàlẹ̀ wọ inú rẹ̀ lásìkò òjò. Bí ẹrù tuntun bá dé, iwájú la máa ń kó o sí, iwájú náà la ti ń tà, ti ẹ̀yìn á sì máa gbó síbẹ̀. Ní báyìí a ti tẹ́ pákó sílẹ̀, a fi àyè sílẹ̀ láàrin báàgì àti ògiri, a sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tí ẹrù dé. Èyí tó pẹ́ jù ló ń kọ́kọ́ jáde.

Láti ara báàgì 24 yìí la ti wá rí bó ṣe yẹ ká pín iṣẹ́. Ẹni tó ń gba owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbé ọjà jáde. Èmi ni mò ń gba owó, mo sì ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì alábala mẹ́ta. Oníbàárà mú ọ̀kan, àbúrò mi gba ọ̀kan kó tó ṣílé ẹrù, ìkẹta kù sínú ìwé. Bó jẹ́ ẹ̀bùn ni, bó jẹ́ àwìn, bó jẹ́ èyí tó bàjẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì náà ni. Bàámi pẹ̀lú ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn le fún wọn lóṣù àkọ́kọ́, n kò ní parọ́ fún ọ.

Ti gbèsè ló gba àkókò jù. A jókòó ti Bàámi ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń pe orúkọ, mò ń kọ ọ́, olúkúlùkù ní ojú ewé tirẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ náírà 1,240,000. Nígbà tí a pín in gẹ́gẹ́ bó ṣe pẹ́ tó, 310,000 kò tíì pé oṣù kan, 520,000 ti lé lóṣù kan, 410,000 sì ti kọjá ọdún kan. Nínú èyí tó kọjá ọdún, méjì nínú àwọn tó jẹ ẹ́ ti kú, ẹnìkan sì mú rìsíìtì wá pé òun ti san án. Bàámi ló gbàgbé láti fagi lé e. A ò ka 410,000 yẹn mọ́ owó ṣọ́ọ̀bù mọ́. Tí a bá rí nínú rẹ̀, a dúpẹ́. Bàámi wá mú mi lọ sílé àwọn tó kù níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi nìyí, òun lẹ ó máa san án fún." Bí Màámi bá lè rìn, ẹ ṣe èyí. Onígbèsè tí kò mọ ojú ọmọ kì í yára sanwó.

Ti owó ilé, ṣókí ni. Tẹ́lẹ̀, inú àpótí owó ni ọbẹ̀ àti owó ilé-ìwé ti ń jáde. Ní báyìí Bàámi ń gba iye kan pàtó lóṣooṣù, èmi àti àbúrò mi ń gba owó oṣù torí a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù lópin ọdún la ó máa pín fún àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bọ̀ọ̀dá mi ní ìpín, ṣùgbọ́n kò lè wá mú páànù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsanwó.

Èyí tí a ò tíì parí ni ti orúkọ. Orúkọ Bàámi nìkan ni wọ́n fi forúkọ òwò sílẹ̀, òun náà ló wà lórí àkáńtì báńkì. Irú òwò bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín lójú òfin. Tí ọlọ́jọ́ bá dé, báńkì á ti àkáńtì pa títí ẹbí á fi gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún nílé ẹjọ́, ṣọ́ọ̀bù ò sì lè rí owó ra ẹrù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ di kọ́ńpínì, kí Bàámi lè fi ọwọ́ ara wọn pín ṣíà fún wa nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Lọ́yà wa ní Lọ́kọ́ja ti ń bá a lọ.

Ìwé àdéhùn ojú ewé mẹ́ta yẹn ńkọ́? A tún un kọ lóṣù tó kọjá. Ojú ewé kan péré ni.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Tí o bá bá Màámi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, sọ fún wọn pé tí wọ́n bá fẹ́ ka ọjà, kí wọ́n pè mí. Ọkọ̀ àárọ̀ ni n ó bá lọ sí Ìsánlú, n ó sì mú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì kan dání fún wọn.

Èmi ni tìrẹ,
ọ̀rẹ́ rẹ ní Kàbà.