Ohun mọ́kànlá tó yẹ kó wà nílé ìdáná rẹ

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Kí o tó lọ sọ́jà, orúkọ oúnjẹ tí o fẹ́ máa jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni kí o kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí o wá kọ èlò ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Èlò tó bá jáde lábẹ́ oúnjẹ mẹ́ta ló yẹ kó máa gbé inú ilé. Èyí tó jáde lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹ̀gúsí, ọjọ́ tí o bá fẹ́ sè é ni kí o rà á, ìwọ̀n ìkòkò kan.

Bí o bá ṣe é báyìí, mọ́kànlá ni yóò kù: ìrẹsì, ẹ̀wà, gàárì, epo pupa, òróró, iyọ̀, àlùbọ́sà, ata gbígbẹ lílọ̀, tòmátò inú agolo, edé àti irú. Kọ́ńgò kan ìrẹsì, kan ẹ̀wà, kan gàárì tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀wà ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú wọn. Sè é lásán, kí o bu epo àti ata sí i, o lè fi gàárì jẹ ẹ́. Rẹ ẹ́, bó o, lọ̀ ọ́, dín in, àkàrà dé nìyẹn. Bí kò bá sí ẹ̀rọ ìlọta, sè èyí tí o bó títí yóò fi rọ̀ pátápátá, fi ìjábẹ̀ já a, kí o fi epo, ata, irú àti iyọ̀ sí i: gbẹ̀gìrì rèé, ẹ̀bà sì ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n má bu tòmátò sí ẹ̀wà tí kò tíì rọ̀. Kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèpo ẹ̀wà tètè rọ̀, gáàsì á sì máa jó lásán.

Fún ìrẹsì elépo, gbé epo ṣíbí mẹ́ta kaná, má jẹ́ kó yọ èéfín. Da àlùbọ́sà, irú, ata àti ẹ̀kúnwọ́ edé kan sí i, rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bu omi agolo mílíìkì mẹ́ta àti iyọ̀ sí i. Bó bá hó, da ìrẹsì agolo méjì tí o ti ṣàn sí i, dé e, kí o dín iná kù. Bí omi bá gbẹ tí ìrẹsì ṣì le, wọ́n omi díẹ̀ sí i, má rò ó. Fi òróró àti tòmátò rọ́pò epo àti irú, jọ̀lọ́ọ̀fù ni. Bu ẹ̀wà sísè sí i, oúnjẹ mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀wà ni kòkòrò ń tètè bàjẹ́. Bí o bá rí ihò róbótó lára rẹ̀ tàbí ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ àpò lọ́jà, má rà á. Sá a sóòrùn dáadáa, jẹ́ kó tutù, kí o rọ ọ́ kún ike tó gbẹ títí dé ẹnu, kí o dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Má fi ṣíbí tútù bu gàárì, yóò bu. Irú tútù, wọ́n iyọ̀ sí i.

Bí èyíkéyìí bá ku ìdajì, kọ ọ́ sára ògiri. Má dúró dìgbà tí yóò tán.

Ìyá rẹ