Oṣù mẹ́ta tí mo san owó rẹ̀, tí ẹ sọ di oṣù méjì

Àsẹ̀rò, Abẹ́òkúta.
28 oṣù Kẹrin, 2025.

Sí Máníjà,
Ẹ̀ka Abẹ́òkúta, Òkè-Ìléwó.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.

Mi ò ní máa ṣàlàyé bí íńtánẹ́ẹ̀tì yín ṣe ń ṣe nílé mi. Gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà yín, mo sì ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì mi sẹ́yìn àpòòwé. Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá, àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ yín.

Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta ni ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àwa oníbàárà àtijọ́ pé owó oṣù yóò kúrò ní ₦18,000, yóò di ₦25,000. Ẹ sọ ìdí rẹ̀: epo dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń rọ sí jẹnẹrétọ̀, dọ́là tí ẹ fi ń ra irinṣẹ́, àti pé láti oṣù Kìíní ni àjọ NCC ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó kún owó wọn, bí kò bá ṣáà ti ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tiyín kò tó ìdá 39. Mi ò bá yín jiyàn lórí ìyẹn rárá. Ọjà Kútọ̀ kan náà ni gbogbo wa jọ ń ná, kò sí ohun tí kò wọ́n níbẹ̀.

Ẹ wá fi oyin sí i. Ẹ ní ẹbí ni wá, nítorí náà ẹ fún wa ní àkókò oore-ọ̀fẹ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ẹni tó bá san owó láàárín àkókò yìí, iye àtijọ́ ni yóò san, ó sì lè san ti oṣù mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi “a mọrírì yín gan-an” parí rẹ̀, ẹ tún ya ọwọ́ méjì tó pàtẹ́wọ́ sí i. Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ fi han aládùúgbò mi pé ilé-iṣẹ́ tó mọ èèyàn rèé.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ni mo san ₦54,000. Rìsíìtì yín wà lọ́wọ́ mi, “oṣù 3” ló wà lára rẹ̀ gbàgàdà. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin tí èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ parí, mo ṣí áàpù yín, mo rí i pé ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ni tuntun máa tán. Oṣù méjì. Lábẹ́ rẹ̀, “₦4,000 ló kù”. Ẹ ti fi ₦25,000 pín owó tí mo san ní ₦18,000-₦18,000.

Mo pe fóònù yín. Ẹ̀rọ ní kí n tẹ 1, kí n tẹ 3, ó kọrin fún mi títí, ó sì já. Ẹni tó padà gbé e sọ pé ọ́fíìsì Òkè-Ìléwó ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Òkè-Ìléwó sọ pé Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ owó máa ń lọ. Ìbàdàn ní kí n padà sí ẹ̀ka tí mo wà. Mo wá gbéra.

Ọmọbìnrin tó jókòó sí kàǹtà yín, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Kò gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀ tó fi ní, “Mọ̀mí, ọjọ́ tí ẹ sanwó kọ́ là ń wò, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ là ń wò. Tiyín bẹ̀rẹ̀ ní 10 oṣù Kẹrin, oore-ọ̀fẹ́ ti tán nígbà yẹn.” Mo ní níbo ni ẹ kọ ọ́ sí? Ó ní, “Gbogbo èèyàn ló yé, ẹ̀yin nìkan ni kò yé. Ẹ fi ₦21,000 kún un kí oṣù kẹta lè wọlé.” Ó wá yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Ọmọ tí mo lè bí ni o.

Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yẹ àlàyé yẹn wò. Ẹni tí àsanlẹ̀ rẹ̀ kò tíì tán ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ìyẹn ẹni tó ń sanwó kí ọjọ́ tó pé, kò lè jẹ nínú oore-ọ̀fẹ́ yín láé, nítorí pé tuntun rẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ kí oṣù Kẹrin tó wọlé. Ẹni tó jẹ́ kí tirẹ̀ já kó tó wá sanwó lóṣù Kẹta ló máa jẹ ẹ́. Ṣé ẹni tí kì í jẹ gbèsè ni ẹ fẹ́ fi ìyà jẹ ni? Bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́ta tí ẹ ní ká san pọ̀, báwo ni oṣù kejì àti ìkẹta rẹ̀ ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó kọjá? Kò sẹ́ni tí èyí lè ṣeé ṣe fún. Ohun tí ẹ kọ ni pé “ẹni tó bá san owó”. Ẹ kò kọ “ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀”. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ìkejì, gbólóhùn kan péré ló kù kí ẹ fi kún un, ì bá sì ti jẹ́ kí n mọ̀ pé kí n má san kọ́bọ̀ ṣáájú.

Ọ̀gbẹ́ni tó pe ara rẹ̀ ní igbákejì yín pè mí lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó bẹ̀ mí, ó ní kí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣú, wọn á ti tún un ṣe. Mo gbà, mo sì dúpẹ́. Jímọ̀ dé, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé: “A ti yanjú ẹ̀sùn yín. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ mélòó nínú márùn-ún?” Mo sáré ṣí áàpù. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ṣì ni. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú, ẹ sì ń béèrè bí ilẹ̀kùn náà ṣe rí lójú mi. Mo pe igbákejì yín padà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Ẹ sún ọjọ́ òpin mi sí 9 oṣù Keje, bí rìsíìtì yín ṣe wí. Ẹ má dá owó kankan padà fún mi o, oṣù mi ni mo fẹ́. Kí ẹ sì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àwọn yòókù tó san ṣáájú bíi tèmi, nítorí mi ò gbà pé èmi nìkan ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà ní kàǹtà, mo fi lé yín lọ́wọ́. Àbíyamọ ni mí, mi ò fẹ́ kó pàdánù iṣẹ́, àmọ́ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ojú èèyàn.

Bí kò bá sí ìdáhùn nígbà tó bá fi di ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, màá pe 622, nọ́ńbà tí NCC fi ń gba ẹ̀sùn. NCC máa ń béèrè bóyá èèyàn ti kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà lẹ́tà yìí, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ọ́fíìsì yín lórí rẹ̀, ni màá fi dá wọn lóhùn. Màá fi òmíràn ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, nítorí òfin wọn ti ọdún 2018 kò gbà kí èèyàn gba owó tó ju iye tó fi han oníbàárà lọ. Antẹ́nà yín tó wà lórí òrùlé mi, ẹ wá tú u. Kí ẹ mú àkàbà tiyín dání.

Mi ò fẹ́ ìpè mọ́. Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, Àsẹ̀rò.

Mo fi ẹ̀dà rìsíìtì, àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹta àti ti Jímọ̀ tí ẹ ń tọrọ ìràwọ̀ há a.