Sí Olóòtú: Kí ni ọlọ́pàá kà, kí ni àwọn olùṣètò kà?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìròyìn ìwọ́de tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní iye èrò tí àwọn olùṣètò pè jẹ́ ìlọ́po márùn-ún iye tí ọlọ́pàá kéde. Ẹ to méjèèjì síbẹ̀, ẹ bá tiyín lọ. Èwo ni kí àwa òǹkàwé mú níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní ọ̀kan ń parọ́, àwọn mìíràn á pín in sí méjì, wọ́n á ní àárín ni òótọ́ wà. Ó sì lè má jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ wo Hong Kong lọ́jọ́ 16, oṣù kẹfà, ọdún 2019. Àwọn tó pe ìwọ́de ní èèyàn tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì, ọlọ́pàá ní 338,000. Àlàfo náà pọ̀ jọjọ. Àmọ́ àwọn tó wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún ìwọ́de náà nìkan ni ọlọ́pàá kà, ìyẹn lásìkò tí èrò pọ̀ jù. Ẹni tó ti wọ́de tán tó ti forí lé ilé kò sí nínú rẹ̀, ẹni tó yà sí ọ̀nà mìíràn nígbà tí èrò kún náà kò sí níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni àwọn olùṣètò ní tiwọn ń sọ. N kò sọ pé mílíọ̀nù méjì yẹn pé o. Olùṣètò wo ló máa ń fẹ́ dín èrò rẹ̀ kù? Ohun tí mo ń sọ ni pé akọ̀ròyìn gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí wọ́n kà, ibi tí wọ́n ti kà á àti ìgbà tí wọ́n kà á.

Akọ̀ròyìn yín náà lè ṣírò tirẹ̀. Herbert Jacobs, tó ń kọ́ni níṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì Berkeley nílẹ̀ Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1960, máa ń wo ìwọ́de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Ilẹ̀ gbàgede tí wọ́n ń kóra jọ sí ní ìlà tó pín in sí àpótí àpótí. Ó ka èèyàn inú àpótí díẹ̀, ó wá ṣírò ìyókù láti ibẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n ń lò lónìí ni pé bí èrò bá dúró gbẹ̀fẹ́, èèyàn kan ló máa ń wà nínú àyè tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Bí wọ́n bá fún mọ́ra, wọ́n á tó méjì ààbọ̀. Bó bá ti di mẹ́rin, ṣe ni wọ́n ń tẹ ara wọn.

Ká ní òpópónà kan gùn ní mítà 800, ó fẹ̀ ní mítà 15. Àyè 12,000 nìyẹn. Bí èrò bá fún mọ́ra láti orí dé ìdí rẹ̀, wọn ò ní ju 30,000 lọ. Ẹni tó bá ní 100,000 dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ń sọ pé èèyàn tó lé ní mẹ́jọ wà nínú àyè kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò rí ọwọ́ gbé pátákó sókè níbẹ̀? Ṣùgbọ́n èrò kì í fún bákan náà jálẹ̀: iwájú pèpéle á há gádígádí, ẹ̀yìn á tú. Fọ́tò tí wọ́n yà láti iwájú sì máa ń bo àlàfo mọ́lẹ̀, òkè ni ẹ ti máa rí i. Bí èrò bá ń rìn, ẹ fi èèyàn sí ibi méjì lójú ọ̀nà, kí wọ́n máa ka iye tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, lóòrèkóòrè, torí àwọn kan á dara pọ̀ lẹ́yìn, àwọn kan á sì yà kúrò kó tó parí.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀jáde ìjọba náà ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ pé "ọlọ́pàá yin tajútajú lẹ́yìn tí àwọn jàǹdùkú sọ òkúta". "Lẹ́yìn" yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà, ẹ sì gbé e wá láti ẹnu alukoro bí ẹni pé akọ̀ròyìn yín ló rí i. Ṣé alukoro náà wà níbẹ̀, àbí ìròyìn ni wọ́n kọ fún un? Aago mélòó ló fi àtẹ̀jáde síta? Ẹ tún gbọ́ tẹnu obìnrin kan tó ní ẹnikẹ́ni ò sọ òkúta. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló wà, èéfín ló máa kọ́kọ́ rí, òótọ́ ló sì ń sọ. Ẹ kọ ibi tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan dúró sí, kí ẹ wá fídíò tó ní àkókò, kí ẹ sì rántí pé àkókò tí wọ́n fi fídíò síta kì í ṣe àkókò tí wọ́n yà á.

Bí àtẹ̀jáde bá sì yí padà lọ́jọ́ kejì, bó ṣe máa ń rí, ẹ má kàn fi tuntun rọ́pò ti àná. Ẹ tẹ méjèèjì pọ̀, pẹ̀lú déètì wọn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín